Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ àbí ibi ìyan-gàrí: èwo ni kéèyàn fowó sí?

Àwọn tó fẹ́ fowó sí gàrí Ìjẹ̀bú kì í yé béèrè èyí. Ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀.

Ká ní àpò gàrí kan jẹ́ ₦40,000, tí gbogbo ìnáwó rẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́ ẹni tó ń yan án, náà jẹ́ ₦40,000. Èkó wá ń béèrè sí i, àpò di ₦50,000. Èrè yẹn á fa èrò wọlé, torí ẹ̀rọ àti agbada kò ṣòro láti rà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó gba ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá títì kò lè bí sí i. Gbogbo wọn á jọ máa dù ú. Gàrí á pọ̀ lọ́jà, owó àpò á wálẹ̀ sí bíi ₦46,000, kò sì ní padà sí ₦40,000 mọ́, torí owó ilẹ̀ tí wọ́n ń dù ti gbé ìnáwó gòkè bá a. Owó iṣẹ́ ni ẹni tó ń yan gàrí tún bá lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ nìkan ló wọ́n, onílẹ̀ ló kó ₦6,000 tó lé.

Ẹni tó ń yan gàrí lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lè rò pé agbada ló ń mówó wá. Kó yọ iye tí ẹlòmíì ì bá fi háyà ilẹ̀ náà kúrò nínú èrè rẹ̀, á rí i pé ilẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ ṣe é tà kíákíá; ilẹ̀ lè di ẹjọ́ ẹbí. Bí wọ́n bá sì la títì dé oko tó jìnnà, owó ilẹ̀ ìtòsí lè já.

Ẹni tó ti ní ilẹ̀ kí owó gàrí tó gòkè, kó dì í mú. Ẹni tó fẹ́ rà á lónìí, èrè ọjọ́ iwájú ti wà nínú iye tí wọ́n ń pè é, àyàfi tó bá mọ̀ nípa títì kan tí wọ́n fẹ́ là, tí ẹni tó ń tà á kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tówó rẹ̀ kéré, tó mọ iṣẹ́, tó sì lè tètè kó wọlé, ibi ìyan-gàrí ló bá a mu.