Olùtọ́jú tó ń wá sílé bàbá mi: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ náà

Bàbá mi ti lé ní 80 ọdún. Àtìgbà tí màmá wa ti ṣaláìsí ló ti ń dá gbé. Orí rẹ̀ pé, ó sì ń wẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ilé dákẹ́ jù fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dá a lójú mọ́. A gba obìnrin kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú sílé àwọn àgbà. Òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń wá, ó sì ń lo wákàtí mẹ́ta. Mo ń kọ èyí fún àwọn ọmọ tó ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti fún ẹni tó ní sùúrù tó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ó bi Bàbá ní aago tó máa ń jí, etí wo ló gbọ́ràn jù, iṣẹ́ wo ló ṣe nígbà tí ara le, àti ohun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe. Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn yìí ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá ní, "Má bá mi dé bọ́tìnì ẹ̀wù mi." Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Títí di òní, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ló máa ń dúró sí, á máa bá a sọ̀rọ̀, títí bọ́tìnì yóò fi dé tán. Àwọn tí a kọ́kọ́ gbà kì í dúró: wọ́n á wọṣọ fún un wàràwàrà kí wọ́n lè tètè dé ilé ẹlòmíì. Ẹran ara àgbàlagbà tí kò bá ṣiṣẹ́ máa ń tètè rọ, ohun tí wọ́n bá sì ń bá a ṣe lójoojúmọ́ kì í pẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bàbá ṣe. Obìnrin náà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì wá láti ilé, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń tún eléyìí ṣe?" Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kò tó wọn. Tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, apá etí tó gbọ́ràn ló máa ń jókòó sí, á kọjú sí i, kò ní pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi í lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró de èsì.

Ìwé tó ń kọ ló wá yọ wá nínú ewu. Dókítà pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá. Kò pẹ́ sígbà náà tí olùtọ́jú náà kọ ọ́ pé Bàbá di ògiri mú nígbà tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó tún wá, Bàbá ní ojú òun ṣú díẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àárọ̀ nìkan ni, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, kì í ṣe nígbà tó bá jókòó. Ó pè mí. Kò sọ pé kí Bàbá dá oògùn dúró, ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òun.

A mú ìwé náà lọ bá dókítà. Nọ́ọ̀sì ní kí Bàbá dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ó wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó ní kó dìde, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Nọ́ńbà òkè tó jẹ́ 138 nígbà tó dùbúlẹ̀ ti di 112. Ó ṣàlàyé pé tí ti òkè bá já wálẹ̀ ní 20, tàbí ti ìsàlẹ̀ ní 10, láàárín ìṣẹ́jú 3 tí èèyàn dìde, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lọ sí ẹsẹ̀, èyí tó ń dé orí kò tó, ìṣubú sì lè ti ibẹ̀ wá. Dókítà dín oògùn náà kù. Láti ìgbà náà, olùtọ́jú yìí máa ń rán Bàbá létí pé kó mi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò kó tó dìde, kó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì títí ojú á fi mọ́lẹ̀, kó tó wá dìde pẹ̀lú ọwọ́ lára nǹkan. Ó tún ń gbé omi sítòsí rẹ̀, torí òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ bi dókítà bí omi ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.

Ibi tí iléeṣẹ́ náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé nígbà tí ara obìnrin yìí kò yá, wọ́n rán ẹni tí Bàbá kò rí rí wá láì sọ fún wa. Bàbá kò ṣílẹ̀kùn. Mo bínú gan-an, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n ti wá ń jẹ́ kí ẹnì kejì tẹ̀ lé e wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí Bàbá ti mọ ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kó ti mú ẹnì kejì yẹn wá fojú han àgbà kó tó di pé ọ̀rọ̀ já sí pàjáwìrì. Èmi kò tún ní gba iléeṣẹ́ tí kò bá ní in.