Ìpara ẹsẹ̀ mi kò sí lọ́jà mọ́: bí mo ṣe rí arọ́pò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìpara ẹsẹ̀ tí mo ti ń lò látọjọ́ pípẹ́ ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní fámásì tí mo ti ń rà á ló sọ fún mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dúró dè é o, kò ní dé mọ́.” Ó dùn mí gan-an. Ní Àjàṣẹ́ níbí, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ṣì máa ń gba awọ ara wa sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá lọ sílé wa ní Kétu nígbà ọyẹ́, gìgísẹ̀ mi á là bí ilẹ̀ àbàtà tí oòrùn ti gbẹ. Ìpara yẹn nìkan ló máa ń pa á dé, tí n kò sì ní máa tiro.

Mo ti lo oríṣiríṣi láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń wá, torí ẹni tó bá ń wá orúkọ tàbí àwọ̀ túùbù nìkan á ra ohun tí kò jọ èyí tó sọnù rárá.

Túùbù mílílítà 100 ni tèmi. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé yúríà inú rẹ̀ jẹ́ 10%, ìyẹn ni pé nínú gíráàmù 100 ìpara, gíráàmù 10 jẹ́ yúríà. Lẹ́yìn túùbù, níbi tí wọ́n ti to gbogbo èròjà sílẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, omi ló ṣáájú, yúríà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gílísírìn, lẹ́yìn náà fásílínì. Kò sí òórùn dídùn kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn èròjà yìí ń ṣe. Yúríà ń fa omi sínú awọ, ó sì ń rọ èépá líle tó bo gìgísẹ̀. Gílísírìn náà ń fa omi, ó sì ń dì í mú, ṣùgbọ́n kì í rọ èépá bíi ti yúríà. Fásílínì ní tirẹ̀ kì í fa omi rárá. Ó kàn ń bo awọ mọ́lẹ̀ kí omi tó ti wọlé má baà sá jáde. Ohun tó bá máa rọ́pò túùbù mi gbọ́dọ̀ lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan á ní àwọn ti ju túùbù tiwọn nù, àwọn ò mọ ohun tó wà lára rẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí orí fóònù yín, ẹ tẹ `Open Beauty Facts`. Àwọn tó ń lo nǹkan ìpara fúnra wọn ló ń ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí síbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ èròjà rẹ̀ sílẹ̀, a sì máa rí ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọn kò tà mọ́ níbẹ̀. Ẹ lè fi orúkọ wá a, ẹ sì lè fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àwọn ìlà dúdú ara páálí wá a. Bí kò bá sí níbẹ̀, àwọn fámásì ilẹ̀ Faransé tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í tètè yọ ojú ewé ọjà tó ti tán. Mo rí tèmi bẹ́ẹ̀, èyí sì ràn mí lọ́wọ́, torí lẹ́tà ara túùbù ti ń pa rẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá kan tó ń ta nǹkan ìpara ní ọjà Wàńdò ló kọ́kọ́ gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Ike ńlá ni, ó pọ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì kọ yúríà gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Mo yí i padà. Ibi tí ọgbọ́n wà rèé: òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni pé kí wọ́n to èròjà láti orí èyí tó pọ̀ jù lọ dé èyí tó kéré jù lọ, àfi àwọn tí kò tó 1%, àwọn yẹn ni wọ́n lè tò bó ṣe wù wọ́n ní ìparí. Wọn kì í kọ 1% síbẹ̀ láti fi hàn wá, àwa fúnra wa la máa wá ibi tó wà. Èròjà kan wà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́, `Phenoxyethanol` ni ẹ máa rí lára páálí. Òfin kan náà kò gbà kí ó ju 1% lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá rí lẹ́yìn orúkọ yẹn, kò lè ju 1% lọ. Lára ike ìyá yìí, `Urea` ni wọ́n kọ kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn `Phenoxyethanol`, lẹ́yìn òórùn dídùn pàápàá. Tèmi jẹ́ 10%, èyí kò lè ju ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Mo rà á ṣáá, ìyá mi fi ń para, ó sì gbádùn rẹ̀ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí kò là. Fún gìgísẹ̀ líle, kò ṣe nǹkan kan.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni túùbù ńlá gíráàmù 250 tí wọ́n ń pè ní `Dexeryl`, tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ torí àwọn ọmọdé tí ara wọn máa ń gbẹ. Èyí kò fi nǹkan kan pamọ́: gílísírìn 15%, fásílínì 8%, páráfínì olómi 2%. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ méjì nínú mẹ́ta tí mo ń wá ló ń ṣe, ó sì ń ṣe wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí yúríà nínú rẹ̀, nítorí náà èépá ò lọ. Gìgísẹ̀ mi rọ̀ lókè, síbẹ̀ tí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, ó ṣì ń fa òwú aṣọ ìbora. Ohun tí mo fi ń dán gbogbo wọn wò nìyẹn, kò sì tíì tàn mí jẹ rí. Mi ò sọ ọ́ nù ṣá o, ẹ máa rí ibi tí mo ti ń lò ó.

Ní fámásì, wọ́n tún fi èyí tí yúríà rẹ̀ jẹ́ 30% hàn mí, wọ́n ní èyí tó le jù ni yóò yá jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí yúríà bá ti ń sún mọ́ 20% sókè, kì í ṣe pé ó ń fa omi nìkan mọ́, ó ti ń bó awọ. Ó dára fún ẹni tí èépá ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí awọ bàtà, kí ó fi sí ibi líle yẹn nìkan lálẹ́, kí ó má fi sí àárín ọmọ ìka, kí ó sì padà sí 10% bó bá ti rọ̀. Ẹni tó bá ń fi í pa gbogbo ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ á rí i pé awọ rere náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á sì máa ta á.

Àǹtí mi kan ní Kétu, àgbẹ̀ ni, gbọ́ ọ̀rọ̀ yúríà lẹ́nu mi, ó sì wò mí tìyanutìyanu. “Ṣé yúríà tí à ń dà sí àgbàdo náà ni? Ó kún àpò nílé níhìn-ín, wá bù ú.” Ìbéèrè gidi ni, torí òótọ́ ni pé nǹkan kan náà ni. Ṣùgbọ́n mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ má fi kan ara o.” Ti oko ní ìdọ̀tí àti àwọn nǹkan mìíràn nínú, ti ìpara ni wọ́n yọ́ mọ́ tí wọ́n sì wọ̀n. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá pò ó nílé kò lè mọ̀ bóyá 10% ló dé tàbí 40%, 40% sì ni wọ́n ń lò láti fi rọ èékánná tó bàjẹ́ kí wọ́n lè yọ ọ́. Òrí tí Àǹtí ń pò nílé ló wúlò fún mi. Òrí kì í fa omi, ṣùgbọ́n ó ń bo ara mọ́lẹ̀ bíi fásílínì. Ìpara tó bá ní yúríà tí kò sì ní ọ̀rá tó pọ̀, òrí díẹ̀ lórí rẹ̀ á parí iṣẹ́.

Èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé a lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni arọ́pò tí mo mú níkẹyìn. Yúríà 10%, gílísírìn tẹ̀ lé e, kò sí òórùn dídùn, ṣùgbọ́n kò sí fásílínì, òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀. Túùbù méjì ni wọ́n ní: mílílítà 50 ní 3.200 sẹ́fà, mílílítà 75 ní 3.900. Kékeré náà dà bí ẹni pé owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ sórí mílílítà 100: kékeré di 6.400, ńlá di 5.200. Tèmi àtijọ́ jẹ́ 4.500. Ó wọ́n díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó bójú mu. (Bí ẹ bá rí gíráàmù lára ọ̀kan tí ẹ sì rí mílílítà lára èkejì, ẹ kàn fi wọ́n wéra bẹ́ẹ̀, fún ìpara, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan.) Túùbù ni mo sì yàn dípò ike, torí ìka tí à ń tì bọ ike lójoojúmọ́ máa ń gbé ìdọ̀tí wọ inú rẹ̀.

Mo fi àlòkù túùbù àtijọ́ pa ẹsẹ̀ òsì, mo fi tuntun pa ọ̀tún, lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì tutù díẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, méjèèjì kò fa aṣọ mọ́. Tuntun nìkan máa ń gbẹ ní ọ̀sán bí n kò bá fi òrí lé e.

Bí gìgísẹ̀ bá ti là débi tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ má tíì fi yúríà sí i, á ta yín gidigidi. Ibẹ̀ ni mo ti ń lo `Dexeryl` mi, títí ojú ibẹ̀ á fi pa dé. Ẹni tó bá ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà, kí ó jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wo ẹsẹ̀ náà ná, torí ojú ibi tó là lè di egbò láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lára.

Ohun kan tó kù: yúríà kò fẹ́ ooru. Bí ooru bá pọ̀ fún un, ó máa ń fọ́ sí amóníà. Ẹ má ra túùbù tí oòrùn ti ń pa lórí àtẹ, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín kù tó. Bí ẹ bá ṣí i, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ìtọ̀ tó ti pẹ́, tàbí tí omi ya kúrò lára ọ̀rá, ẹ dá a padà. Ilé mi gbóná lọ́sàn-án, nítorí náà inú ìkòkò amọ̀ tí a kì í pọn omi sí mọ́, nínú yàrá tó dúdú, ni mo ń tọ́jú tèmi sí.