Ẹni tó ń rọ̀jò "hẹ́lò": ṣé ká dáhùn kíá ni, àbí ká dúró?

Oníbàárà kan láti Lọ́kọ́ja fi "hẹ́lò, hẹ́lò, hẹ́lò" ránṣẹ́ sí oníkajú ní Kàbà lórí Wásáàpù, kò tíì sọ ohun tó fẹ́.

Bí ẹ bá dáhùn kíá, ẹ fi àkókò sí i: "Ẹ kú ọjà o. Mò ń wọn ọjà lọ́wọ́. Ẹ kọ iye àpò tí ẹ fẹ́, màá dáhùn ní aago 4." Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ń dá hẹ́lò kọ̀ọ̀kan lóhùn, á máa retí bẹ́ẹ̀ títí, ẹ sì lè ṣi ìwọ̀n kà.

Bí ẹ bá dúró, ìdáhùn kan á kárí gbogbo rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni àmì búlúù: ó ti rí i pé ẹ kà á.

Ìdáhùn kíá ló yẹ bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra. Dídúró ló yẹ bí oníbàárà bá ṣì ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.