Ká fọwọ́ tẹ àtòkọ ọjà, àbí kí sáìtì máa fi í ránṣẹ́?

Èlùbọ́ ni mo ń polówó lórí Google láti Adó-Èkìtì. Nígbà tí mo ń fọwọ́ tẹ àtòkọ sínú Google Sheets, àkọlé wà níkàáwọ́ mi: «Èlùbọ́ Iṣu, Kílò 2», bí oníbàárà ṣe ń wá a gan-an. Àmọ́ mo sọ owó di ₦4,500 lórí sáìtì, mo gbàgbé ₦4,000 nínú àtòkọ. Merchant Center, ibi tí Google ti ń gba àtòkọ ọjà, rí i pé `price` méjèèjì ò bára mu, kò sì gba ọjà náà. Ó dùn mí.

Bí sáìtì bá ń fi àtòkọ ránṣẹ́ sí Google fúnra rẹ̀, owó kì í sábà yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àkọlé orí sáìtì ló máa gbé lọ, irú «Èlùbọ́ Àtàtà, A Ó Gbé E Wá Lọ́fẹ̀ẹ́!» Òfin Google ò gba ọ̀rọ̀ ìpolówó bẹ́ẹ̀ nínú `title`. Ti sáìtì ni mo mú, mo sì tún àkọlé ṣe níbẹ̀.