Ọ̀pá èéfín gíga tàbí kúkúrú?

Bí ọ̀pá kò bá ga tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń yí lẹ́yìn ilé náà lè fa èéfín wá sí àgbàlá. Ọ̀pá gíga bọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀.

Òru ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ tútù á dúró nísàlẹ̀, èyí tó gbóná jù ú lọ á sì bò ó bí ìdérí. Èéfín ọ̀pá kúkúrú á há sábẹ́ rẹ̀. Ti ọ̀pá tó ga ju ìdérí lọ á gba òkè lọ. Àmọ́ bí orí ọ̀pá gíga bá ṣì wà nínú ìdérí yẹn, ẹ ṣọ́ àárọ̀: bí oòrùn bá ti ń tú u, èéfín tó dúró lókè á rọ́ wálẹ̀ lójijì.

Ọ̀pá gíga kì í sì í pa gáàsì run. Ti Sudbury ní Kánádà, tó ga ní mítà 381, mú kí afẹ́fẹ́ ìlú náà sàn, ó sì gbé gáàsì imí-ọjọ́ lọ jìnnà.

Iná kékeré ní pápá tí atẹ́gùn ń fẹ́: kúkúrú tó. Àfonífojì tí afẹ́fẹ́ òru ń há sí: gíga ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fọ gáàsì.