Ríìtì: mo ń gba owó ilé, mi ò ní bíríkì kan

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ta ríìtì mi, ìyẹn ìpín nínú ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ra, ni mo tó mọ ohun tí mo rà. Gbogbo ẹni tó ń polówó ríìtì ló máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń wọlé síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan.

Ilé bàbá mi ní Òkè-Odò, Tanke, ní Ìlọrin, ló lé mi débẹ̀. Yàrá mẹ́jọ ni, àwọn ọmọ Yunifásítì ló sì kún inú rẹ̀. Bí owó ilé bá wọlé báyìí, ẹ̀rọ omi á bàjẹ́, ihò ìgbọ̀nsẹ̀ á kún, ejẹ́ǹtì á yọ tirẹ̀. Nígbà tí èmi náà rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà kó jọ, mo ní mi ò ṣe irú wàhálà yẹn. Owó náà ò kúkú tó ra ilẹ̀.

Nínú ríìtì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló dáwó jọ. Alámòójútó á fi ra ilé ńláńlá, á gba owó ilé, á sì pín in fún kálukú bí yúníìtì rẹ̀, ìyẹn ìpín tó rà, bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ ó rí `UPDCREIT` àti `SFSREIT` lórí ọjà ìpín ìdókòwò wa. Ní 2013, náírà 10 ni wọ́n ta yúníìtì kan ti `UPDCREIT` níbẹ̀rẹ̀. Abebe Court ní Ìkòyí wà lára ilé tó fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pín owó lọ́dọọdún kì í ṣe inúure. Òfin Ìṣúná 2019 ló ní kí wọ́n pín ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé láàárín oṣù 12, bí wọn ò bá fẹ́ kí ìjọba gba owó orí lórí rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ èyí tí mo rà. Yúníìtì 20,000 ni, ní náírà 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó alágbàtà lé díẹ̀ lórí rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n san kọ́bọ̀ 40 lórí yúníìtì kan. Ìyẹn jẹ́ náírà 8,000, ìjọba yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, 7,200 ló bọ́ sí báńkì mi. Kò sí ayálégbé kankan tó pè mí lóru.

Ohun tó tàn mí jẹ ni ìwé ìṣirò wọn. Ó ní dúkìá tó wà lẹ́yìn yúníìtì kọ̀ọ̀kan tó náírà 10. Mo rẹ́rìn-ín: mo fi náírà 5 ra ohun tó tó 10! Mi ò mọ̀ pé mi ò lè dá yúníìtì náà padà fún alámòójútó kó fún mi ní náírà 10 mi. Wọn kì í ta ilé nítorí pé ẹnì kan fẹ́ jáde. Àfi kí èèyàn rí ẹlòmíì tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ọjà, iye tí onítọ̀hún bá sì fẹ́ san ni iye rẹ̀. Mi ò wá ka náírà 10 yẹn sí owó mi mọ́. Kọ́bọ̀ 40 lórí náírà 5 tí mo san ni mo ń wò.

Owó ilé-ìwé ọmọ mi ló mú kí n fẹ́ tà. Mo nílò náírà 60,000. Fóònù sọ pé náírà 5.20 ni wọ́n tà á kẹ́yìn. Nígbà tí mo wo ìlà àwọn tó fẹ́ rà, ẹni àkọ́kọ́ ń wá yúníìtì 3,000 péré ní náírà 4.80, ẹnì kejì ń wá 5,000 ní 4.70, lẹ́yìn wọn kò sí ẹnì kankan. Ká ní mo ní kí alágbàtà mi tà á ní iyekíye tó bá rí, àwọn méjèèjì ò bá kó 8,000 lọ ní ẹ̀dínwó, ìyókù á sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó má tà á sí ìsàlẹ̀ náírà 5. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà kí yúníìtì 12,000 tó tà tán, mo sì ti lọ yá owó àjọ kí ọmọ má baà dúró sílé. Nítorí náà, kí ẹ tó rà, ẹ wo iye yúníìtì tí wọ́n ń tà lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí èyí tí ẹ fẹ́ rà bá ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ, ẹ dín in kù.

Bí mo bá ní kí n fún ríìtì ní máàkì, mẹ́ta nínú márùn-ún ni. Yúníìtì 8,000 ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè kan wà tí Àáfáà àdúgbò wa bi mí nígbà tí mo gba owó àkọ́kọ́, Ìlọrin sá ni a wà: "Ṣé owó ilé ni gbogbo rẹ̀, àbí owó èlé wà níbẹ̀?" Mo ní owó ilé ni. Ó ní kí n lọ wò ó. Òótọ́ ni, ìwé ìṣirò ya owó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára èlé tí wọ́n rí lórí owó tí wọ́n fi sí báńkì. Nínú náírà 100 tó wọlé fún wọn lọ́dún náà, 15 jẹ́ èlé. Mo yọ náírà 1,080 nínú 7,200 mi, mo fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.