Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan: bí mo ṣe ń pín ìrìn àjò Bristol sí Newcastle

Bristol ni mò ń gbé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà ní Newcastle. Ọkọ̀ ojú irin wà tó ń gbé èèyàn láti ibí dé ibẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀, bíi wákàtí márùn-ún ló sì máa ń gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti jáwọ́ nínú ríra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mẹ́ta ni mo sábà máa ń rà: Bristol Temple Meads sí Birmingham New Street, Birmingham sí Sheffield, Sheffield sí Newcastle. Ọkọ̀ kan náà ni mo máa jókòó sí títí tí mo fi máa dé. Owó tí mò ń san kéré sí ti tẹ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nínú rẹ̀. Ìlànà ìrìn àjò tí gbogbo ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ń lò, tí wọ́n ń pè ní National Rail Conditions of Travel, fàyè gbà á kedere, lábẹ́ ìlànà kẹrìnlá.

Ohun tó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé kì í ṣe jíjìn ọ̀nà nìkan ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó díye lé tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí ìjọba ti fa ọkọ̀ ojú irin lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1990 ni ó ti jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan máa ń díye lé ọ̀nà kan, òmíràn á sì díye lé èyí tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó jókòó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè bára mu.

Ibi tí owó ti ń dín kù jù lójú tèmi ni tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ Advance sí lára, èyí téèyàn ń rà sílẹ̀ fún ọkọ̀ kan pàtó. Ìpele ìpele ni wọ́n ń tà á, èyí tó pọ́ọ́kú kì í sì í pọ̀. Bí èrò bá ti ra ti Birmingham sí Derby tán nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa ń kún, ó lè jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló máa mú kí tíkẹ́ẹ̀tì àtìbẹ̀rẹ̀-dópin wọ́n gógó, nígbà tí ìjókòó olówó pọ́ọ́kú ṣì wà nílẹ̀ láti Sheffield lọ sókè. Bí mo bá gé e, ibi tó kún nìkan ni mo máa san owó gidi fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àárọ̀: ẹni tó bá gbéra ní àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́ lè máa san owó àsìkò yẹn fún gbogbo ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ àsìkò náà á ti kọjá kó tó kúrò ní Birmingham. Bó bá pín in, ó lè ra Off-Peak, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì àsìkò tí èrò kì í pọ̀, láti ibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó tó rọrùn láti ṣírò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní odindi jẹ́ £120. Mẹ́ta tí a gé wá jẹ́ £25, £28 àti £32. £85 nìyẹn, £35 ló ṣẹ́kù sápò. Ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi TrainSplit máa bá yín wá ibi tó yẹ kí ẹ ti gé e, Trainline náà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ SplitSave, ṣùgbọ́n irú ojúlé bẹ́ẹ̀ lè yọ ìpín tirẹ̀ nínú owó tí ẹ bá jèrè. Èmi a máa lò wọ́n láti mọ ibi tí gígé náà wà, kí n tó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ojúlé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Òfin tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní ibùdó tí ẹ ti gé tíkẹ́ẹ̀tì. Kò pọn dandan kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kódà ẹ lè máa sùn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá sáré kọjá níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò so pọ̀ mọ́. Ojú mi ló ṣe fún bàbá Yorùbá kan tó wọ ọkọ̀ ní Birmingham. Tamworth ni wọ́n ti gé tíkẹ́ẹ̀tì bàbá, Off-Peak ni méjèèjì, tí kò de èèyàn mọ́ ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ tí wọ́n fi hàn án nígbà tó ń rà á máa ń dúró ní Tamworth. Bàbá wá wọ èyí tó tẹ̀ lé e, òun kì í dúró níbẹ̀. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní kí wọ́n san owó tuntun dé Derby. Bàbá yíjú sí mi: “Ọmọ mi, ṣé wọ́n rò pé mo wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ni?” Mo ní, “Rárá o, ẹ má bínú, sà. Tamworth ni ọkọ̀ yìí ò ní dúró.” Bàbá san án.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gé tèmi ní Birmingham, Sheffield tàbí York, níbi tí àwọn ọkọ̀ ọ̀nà yìí ti máa ń dúró. Tamworth, Burton-on-Trent àti Chesterfield lè dínwó, ṣùgbọ́n àwọn kan ń dúró níbẹ̀, àwọn kan kì í dúró. Ojúlé realtimetrains.co.uk máa ń fi gbogbo ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa dúró hàn, ibẹ̀ ni mo sì ń wò kí n tó sanwó àti láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, pàápàá bí wọ́n bá ń tún ojú irin ṣe.

Ti pípẹ́ ọkọ̀ kò burú tó bí èèyàn ṣe ń rò. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí a lò pa pọ̀ jẹ́ ìrìn àjò kan, ìpẹ́ tí ẹ bá pẹ́ dé òpin ọ̀nà ni wọ́n máa fi ṣírò owó gbà-má-bínú tó ń jẹ́ Delay Repay. Ọkọ̀ mi pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ nígbà kan, ìdajì owó ló sì yẹ kí wọ́n dá padà. Ilé iṣẹ́ náà fi tíkẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn nìkan ṣírò. Lórí àpẹẹrẹ tí mo ṣe lókè yẹn, £16 nìyẹn dípò £42.50. Mo kọ̀wé padà, mo fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ètò ìrìn àjò náà ránṣẹ́, mo tọ́ka sí ìlànà, wọ́n sì san èyí tó kù. Ẹ má ṣe ju tíkẹ́ẹ̀tì ìbẹ̀rẹ̀ nù bí ẹ bá ti kọjá ibẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà, ẹ fi àkókò tó tó sílẹ̀ láàrin méjèèjì, torí bí àkókò yẹn kò bá tó, ẹnu yín ò ní gbà á nígbà tí ẹ bá pàdánù èkejì.

Níbi tí mo ti ń fura sí i ni ìrìn àjò tí ọjọ́ rẹ̀ lè yí padà. Kì í ṣeé ṣe láti gba owó Advance padà bí èèyàn bá kàn yí ọkàn padà. Kí wọ́n tó bá yín pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n lè gba tó £10 lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta di £30, èrè £35 ọjọ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń retí àtibímọ, tí a ò mọ ọjọ́, odindi Off-Peak kan ni mo rà.